Sẹ́ẹ̀lì kẹfà kò ṣẹ̀: ohun tí bátìrì télọ̀ kan kọ́ mi

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ni bátìrì yìí wà, èmi fúnra mi ni mo sì tò ó. Sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù mẹ́jọ ni, irú èyí tó ní igun bíi bíríkì, tí wọ́n fi ọ̀rá búlúù wé lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ fólítì 3.2, áńpù 100 fún wákàtí kan. Mo fi pẹlẹbẹ kọ́pà so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, èyí tí àwa oníṣẹ́ máa ń pè ní afárá, gbogbo wọn wá di fólítì 25.6 fún inífátà. Bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. BMS ni wọ́n kọ sí i lára, wọ́n sì kọ 100A sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí Àlájà tó ni ṣọ́ọ̀bù ń fi bátìrì náà ṣe kò ju gílóòbù díẹ̀, fáànù méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta àti áyọ́ọ̀nù kan lọ. Áyọ́ọ̀nù yẹn nìkan ló wúwo nínú wọn, 1000 wáàtì ló ń jẹ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Àlájà pè mí. Aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ní Sátidé wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bátìrì tí o gbé fún mi yìí kò jẹ́ kí n rí aṣọ lọ̀ o. Tí mo bá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, kí n tó ka márùn-ún, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á ṣú. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún tàn fúnra ẹ̀." Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ti ń bọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ ni wọ́n tún sọ pé, "Oòrùn pàápàá kì í gba iná sí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni nǹkan yẹn á ti máa sọ pé òun ti kún." Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbé e yẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni ì bá ti là mí lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó dé ibẹ̀ ni pé bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́. Tí bátìrì lítíọ́mù bá ń kú bí lóòdù bá ti dé, bọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, torí pé òun ni ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà jáde. Ká ní mo jókòó ṣe ìṣirò ni, mi ò bá tí yára bẹ́ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì lórí fólítì 25 jẹ́ nǹkan bí áńpù 40. Tí a bá fi èyí tí inífátà ń fi ṣòfò kún un, ó tó 45. Fáànù àti ẹ̀rọ ìránṣọ lè gbé e dé 50. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ 100 sí lára kò yẹ kó ti ilẹ̀kùn nítorí 50. Èmi wá ń bá ara mi sọ pé bóyá 100 tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe òótọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mo ti rí bọ́ọ̀dù tí kò lè gbé ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ni mo bá ra òmíràn, mo tú èyí tó wà níbẹ̀, mo pààrọ̀ gbogbo wáyà rẹ̀, mo sì mú sípánà, mo fún gbogbo nọ́ọ̀tì orí sẹ́ẹ̀lì le, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Áyọ́ọ̀nù ṣiṣẹ́. Àlájà gbàdúrà fún mi, mo lọ sílé.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo pinnu pé mi ò ní ra ohunkóhun títí tí mo fi máa mọ ẹni tó ń pa iná gan-an. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ wa ló sì máa ń fò ó. Nǹkan méjì ló lè pa iná nínú irú ilé bẹ́ẹ̀: bọ́ọ̀dù bátìrì àti inífátà fúnra rẹ̀. Tí lọ́ọ̀gì wáyà ńlá tó lọ sí inífátà bá tú, tàbí bùrékà tó wà láàárín bá ti jóná nínú, fólítì tó ń dé inífátà ló máa wálẹ̀, inífátà á sọ pé bátìrì ti tán, á sì kú. Bọ́ọ̀dù kò ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nítorí náà, ní kété tí ṣọ́ọ̀bù bá ṣú, ẹnu bátìrì gan-an ni màá fi mítà kàn, níbi tí wáyà ńlá ti jáde. Tí 25 bá ṣì wà níbẹ̀, bọ́ọ̀dù kò ti ilẹ̀kùn, wáyà ìta ni kí n lọ wò. Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, àmọ́ tí sẹ́ẹ̀lì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣì ń fún mi ní 25 láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí wọn, bọ́ọ̀dù ló ti ìlẹ̀kùn. Ohun kan tó máa ń tan ènìyàn jẹ níbẹ̀ ni pé bọ́ọ̀dù tó ti ti ìlẹ̀kùn ṣì lè jẹ́ kí mítà ka fólítì tí kò ní agbára nínú. Gílóòbù ọkọ̀ akẹ́rù, ti fólítì 24, ni mo fi máa ń dán an wò. Tí mítà bá ní 20 wà níbẹ̀ tí gílóòbù kò sì tàn rárá, mo mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ti tì.

Ti Àlájà, bọ́ọ̀dù ló ń tì í. Ìyẹn dá mi lójú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kì í ti ìlẹ̀kùn lásán. Ohun tí ó ń ṣọ́ nígbà tí iná bá ń jáde kò pọ̀. Ó ń ṣọ́ bí áńpù tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ti pọ̀ jù. Ó ń ṣọ́ ooru. Èyí tó kù, tí àwọn ènìyàn kì í rántí, ni pé ó ń ka fólítì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ọ̀kan péré nínú mẹ́jọ bá wálẹ̀ dé fólítì 2.5 tàbí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣètò bọ́ọ̀dù náà, ó máa dúró ìṣẹ́jú-àáyá kan sí mélòó kan, lẹ́yìn náà á ti gbogbo rẹ̀ pa, kódà kí àwọn méje tó kù yó dé ọrùn. Àkókò tí Àlájà sọ, pé kí wọ́n tó ka márùn-ún, bá èyí mu. Áńpù tó pọ̀ jù gan-an kì í dúró tó bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti ré kọjá ààlà púpọ̀, wéré báyìí ni yóò gé e.

Mo wọn sẹ́ẹ̀lì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìsí lóòdù. Gbogbo wọn wà láàárín 3.29 sí 3.30. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé ara wọn dá ṣáṣá. Irú lítíọ́mù yìí kì í sọ nǹkan kan fún ènìyàn nígbà tó bá ń sinmi. Yálà ó kù díẹ̀ kó kún ni o, yálà ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ni o, fólítì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ló máa ń sọ òótọ́.

Mo wá sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé kó dúró ti áyọ́ọ̀nù, pé tí mo bá ní "tàn án," kó tàn án, kó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Èmi jókòó ti bọ́ọ̀dù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ló ti orí àwọn sẹ́ẹ̀lì wá sínú bọ́ọ̀dù, òun ni bọ́ọ̀dù fi ń ka wọ́n. Mo ki abẹ́rẹ́ mítà sí ẹ̀yìn ibi tí wáyà wọ̀nyẹn ti wọlé, méjì-méjì, kí n lè rí ohun tí bọ́ọ̀dù ń rí. Àkọ́kọ́, 3.19. Ìkejì, 3.18. Bẹ́ẹ̀ títí dé ìkarùn-ún. Nígbà tí a dé ẹ̀kẹfà, bí áyọ́ọ̀nù ṣe tàn báyìí, mítà já wálẹ̀ sí 2.49, mo ń wò ó, ṣọ́ọ̀bù ṣú.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, a ti rí i." Èmi náà gbà pé a ti rí i. Mo sọ fún Àlájà pé sẹ́ẹ̀lì kan ló ti rẹ̀, pé màá bá wọn wá òmíràn. Mo tú gbogbo afárá sínú àpò, mo yọ sẹ́ẹ̀lì kẹfà, mo gbé e lọ sílé.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ tí bọ́ọ̀dù rò nìkan ni mo gbọ́. Mi ò bi sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ léèrè.

Ohun tó kó mi yọ ni pé mi kì í ju sẹ́ẹ̀lì nù kí n tó wọn ohun tó kù nínú rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń jẹ iná bátìrì ní ìwọ̀n tí mo bá dá fún un, tó sì ń ka gbogbo èyí tó bá jẹ. Mo kọ́kọ́ gba iná sí sẹ́ẹ̀lì náà dé 3.65 títí tí kò fi gba nǹkan mọ́, mo jẹ́ kó sinmi mọ́jú, mo wá ní kí ẹ̀rọ máa jẹ áńpù 20 lára rẹ̀ títí dé 2.5. Ó kù díẹ̀ kó tó wákàtí márùn-ún kó tó tán. Áńpù-wákàtí 96 ló jáde nínú 100. Nígbà tí lóòdù kọ́kọ́ dé, láti 3.33 ló lọ sí 3.28, kò sì kúrò níbẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ. Ìyẹn kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì tó rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó lè dúró báyìí lábẹ́ áńpù 20 kò lè já sí 2.49 lábẹ́ 45 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan.

Mo jókòó ti sẹ́ẹ̀lì yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ń rò ó. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Àlájà nípa oòrùn padà wá sí mi lọ́kàn. Kí ló lè mú kí bọ́ọ̀dù rí sẹ́ẹ̀lì kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa bí iná bá ń jáde, tó tún máa rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti yó jù bí iná bá ń wọlé ní aago mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí oòrùn kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀? Ohun tó ń dí iná lọ́nà ni. Bí iná bá ń jáde, ìdènà á yọ fólítì kúrò nínú ohun tí bọ́ọ̀dù kà. Bí iná bá yí padà tó ń wọlé, ìdènà kan náà á fi kún un.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó àwọn afárá tí mo tú jáde látinú àpò, mo yí wọn dojú dé. Mẹ́fà mọ́ lábẹ́, wọ́n ń dán. Èyí tó so sẹ́ẹ̀lì karùn-ún mọ́ ẹ̀kẹfà ní òrùka dúdú lábẹ́ rẹ̀, ní apá ti sẹ́ẹ̀lì kẹfà, bí ìdí ìkòkò tó ti gbé iná. Nínú ike tí mo kó nọ́ọ̀tì sí, wọ́ṣà onírin kan náà dúdú ní ojú méjèèjì. Wọ́ṣà tó yẹ kó wà lókè afárá, lábẹ́ nọ́ọ̀tì, kò lè dúdú báyìí, torí iná kì í fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà. Abẹ́ afárá ló wà, láàárín kọ́pà àti òpó sẹ́ẹ̀lì. Èmi ni mo tò ó, ọwọ́ mi ló sì gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń to bátìrì náà. Ibi tó yẹ kí kọ́pà fi gbogbo ara sùn lé òpó alumíníọ́mù, irin tí kì í gbé iná dáadáa ló wà níbẹ̀, tó fi etí nìkan kàn án.

Ìgbà náà ló wá yé mi ìdí tí bọ́ọ̀dù tuntun fi "ṣiṣẹ́" fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Kì í ṣe bọ́ọ̀dù ló ṣiṣẹ́, sípánà ni. Nígbà tí mo fún gbogbo nọ́ọ̀tì le, wọ́ṣà yẹn wọ inú alumíníọ́mù díẹ̀, ọ̀nà là. Bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń tàn tó ń kú lójoojúmọ́, ibẹ̀ ń gbóná, ó ń tutù, irin ń wú, ó ń sún kì, títí ó fi tún tú. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti gba àtúnṣe kankan gbọ́ tí mi ò bá wọn ibi tó ń ṣe é kí n tó fọwọ́ kàn án. Tí o bá ti tú nọ́ọ̀tì kan, o ti yí ẹ̀rí padà.

Mo fẹ́ rí i lójú mi kí n tó tún un ṣe. Mo padà sí Òkè-Àdó, mo dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà, wọ́ṣà náà lábẹ́ afárá, mo fún nọ́ọ̀tì náà níwọ̀nba. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tan áyọ́ọ̀nù. Mo fi mítà tó máa ń la ẹnu gbá wáyà mú sí ara wáyà ńlá: áńpù 45. Mo ka sẹ́ẹ̀lì kẹfà láti ibi tí bọ́ọ̀dù ti ń kà á: 2.56. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní. Mo gbé abẹ́rẹ́ mítà méjèèjì sórí òpó sẹ́ẹ̀lì kẹfà fúnra rẹ̀, lórí alumíníọ́mù gan-an, kì í ṣe lórí nọ́ọ̀tì, kì í ṣe lórí afárá. Ó ka 3.17. Sẹ́ẹ̀lì kan náà, lábẹ́ áyọ́ọ̀nù kan náà, láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Mo gbé abẹ́rẹ́ kan sórí òpó sẹ́ẹ̀lì karùn-ún, èkejì sórí òpó ẹ̀kẹfà, kí afárá wà láàárín wọn. 0.61. Tí ẹ bá yọ 0.61 kúrò nínú 3.17, ẹ máa rí 2.56 yẹn géérégé.

Fólítì 0.61 lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n áńpù 45 ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po, ó jẹ́ wáàtì 27, gbogbo rẹ̀ ń di ooru lórí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Kó tó pé ìṣẹ́jú méjì, mi ò lè fọwọ́ kan án mọ́. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi pa áyọ́ọ̀nù kíá, torí ọ̀rá tó wé sẹ́ẹ̀lì wà nítòsí ibẹ̀, ooru báyìí kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré lórí sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ẹ̀bi fi bọ́ sórí ẹ̀kẹfà, tí kò bọ́ sórí ìkarùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé àárín àwọn méjèèjì ni afárá wà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀dù ní fún afárá kọ̀ọ̀kan. Orí òpó sẹ́ẹ̀lì karùn-ún ni mo so ti afárá yìí mọ́. Nítorí náà, nígbà tí bọ́ọ̀dù bá ń ka ẹ̀kẹfà, láti òpó ìkarùn-ún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gba orí afárá kọjá kó tó dé ara ẹ̀kẹfà. Gbogbo àìsàn afárá, ẹ̀kẹfà ló ń rù ú. Ká ní orí òpó ẹ̀kẹfà ni mo so wáyà náà mọ́ ni, ìkarùn-ún ni ǹ bá gbé lọ sílé. Ẹni tó bá ń wo sẹ́ẹ̀lì lórí fóònù, pẹ̀lú irú bọ́ọ̀dù tó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ohun kan náà ló máa rí. Ojú fóònù á kọ UVP, ìyẹn pé fólítì ti lọ sílẹ̀ jù, á sì tọ́ka sí sẹ́ẹ̀lì kan. Irọ́ kọ́ ló ń pa, àmọ́ kò lè mọ̀ bóyá inú sẹ́ẹ̀lì ni fólítì ti sọnù tàbí lójú ọ̀nà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò pẹ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ òrùka àti aago, mo sì fi téèpù wé ọwọ́ sípánà, torí sípánà tó bá já bọ́ sórí òpó méjì nínú bátìrì yìí máa jó ènìyàn kó tó lè ké. Mo fi sánpépà tó kúnná pa orí òpó méjèèjì àti abẹ́ afárá títí wọ́n fi dán, torí alumíníọ́mù máa ń bo ara rẹ̀ pẹ̀lú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Mo fi àkísà tí mo rẹ sínú sípíríìtì nù wọ́n. Afárá ló kọ́kọ́ sùn lé òpó, kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Orí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wá sórí afárá, wọ́ṣà pẹlẹbẹ tẹ̀ lé e, wọ́ṣà onísípíríǹgì, nọ́ọ̀tì. Mi ò fi agbára fún un, torí ihò inú alumíníọ́mù rọ̀, tó bá ti bó, sẹ́ẹ̀lì yẹn ti tán nìyẹn. Iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe sẹ́ẹ̀lì kọ sínú ìwé rẹ̀ ni mo fi sípánà tó ń ka ìwọ̀n fún un dé. Mo tú àwọn mẹ́fà tó kù náà wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n tilẹ̀ mọ́.

A tan áyọ́ọ̀nù. Mo yí mítà sí ibi tó ń ka ìdá ẹgbẹ̀rún fólítì. Lórí afárá tó dá wàhálà yẹn sílẹ̀, 8 ni mo rí, ìyẹn 0.008 fólítì. Àwọn yòókù wà láàárín 6 sí 9. Sẹ́ẹ̀lì kẹfà ka 3.18 láti ibi tí bọ́ọ̀dù ti ń kà á. Mo dá bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ padà sórí rẹ̀, èyí tí mo ti yọ sílẹ̀ pé ó bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Owó bọ́ọ̀dù kejì, mo dá a padà fún Àlájà, torí àṣìṣe mi ni, kì í ṣe tiwọn.

Láti ìgbà náà, mo ti bá sẹ́ẹ̀lì tó rẹ̀ lóòótọ́ pàdé, ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀. Bátìrì fólítì 12 kan tí ìjọ kan ń lò fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn l'Abẹ́òkúta máa ń dúró dáadáa fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kó kú láàárín orin. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Mo gbé mítà sórí òpó sẹ́ẹ̀lì kejì fúnra rẹ̀, lórí alumíníọ́mù, ibẹ̀ gan-an náà ni fólítì ti ń lọ sílẹ̀: 3.0, 2.9, 2.7, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí àwọn mẹ́ta tó kù dúró lórí 3.15. Nígbà tí bọ́ọ̀dù ti ìlẹ̀kùn, kò fò padà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi gun òkè padà. Ti afárá tó tú kì í rí báyìí. Ó máa ń já wálẹ̀ bí òkò bí lóòdù bá dé, á sì padà bí òkò bí lóòdù bá lọ, yálà bátìrì kún tàbí kò kún. Sẹ́ẹ̀lì kejì yẹn, áńpù-wákàtí 58 ló kù nínú 100. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kún tí a bá ń gba iná sí wọn, òun náà ló máa ń kọ́kọ́ tán, bí ife kékeré láàárín ife ńlá.

Ẹ fojú sí ìyẹn dáadáa, torí sẹ́ẹ̀lì kan tún wà tó máa ń kọ́kọ́ tán, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé òun ló máa ń kún kẹ́yìn. Ìyẹn kò rẹ̀. Iná rẹ̀ ló kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ gba iná sí òun nìkan dé 3.65, ẹ dá a padà. Mo mọ àwọn tó ti ju irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nù.

Bọ́ọ̀dù náà máa ń jẹ̀bi nígbà mìíràn. Ilé kan ní Bódìjà fẹ́ fi bátìrì fólítì 24 gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga. Bọ́ọ̀dù 60A ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti fẹ́ gbéra, kí ó tó yí ìyípo kan, iná ti lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí bátìrì kún, ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó kù ìdajì. Mo wọn gbogbo sẹ́ẹ̀lì lórí òpó wọn nígbà tí ẹ̀rọ ń gbéra, kò sí èyí tó lọ sísàlẹ̀ 3.0. Kò sí afárá tó ń jẹ fólítì. Ẹ̀rọ omi máa ń fa iná ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà nígbà tó bá ń gbéra, 60 kò sì lè gbé e. Bọ́ọ̀dù tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ìwòsàn rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tó nípọn tó o.

Oníṣẹ́ tó dé ibẹ̀ ṣáájú mi ti ní ìwòsàn tirẹ̀. Ó ti fi wáyà kan fo bọ́ọ̀dù kọjá, ó so B-, ojú bọ́ọ̀dù tó ti ara sẹ́ẹ̀lì wá, mọ́ P-, ojú tó ń lọ síta, tààrà, kí ilẹ̀kùn má baà lè tì mọ́. Mo gé wáyà yẹn kí n tó ṣe nǹkan mìíràn. Bátìrì tó bá ń ṣiṣẹ́ báyìí kò ní ẹni tó máa dá sẹ́ẹ̀lì tó rẹ̀ dúró kó má lọ sísàlẹ̀ 2.0. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti lọ síbẹ̀ lè ti bàjẹ́ nínú, tí ṣájà bá sì tún ń ti iná sí i lára láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, inú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn sí ni ewu yẹn wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe é, kódà kí oníbàárà máa bẹ̀ yín pé ti òní nìkan ni.

Ní oṣù tó kọjá, mo gba Òkè-Àdó kọjá, mo yà lọ kí Àlájà. Wọ́n ń lọ ìró lọ́wọ́, áyọ́ọ̀nù ń gbóná. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé mítà wá kó wọn afárá karùn-ún fún mi, kó má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ibi tó máa fi abẹ́rẹ́ sí, lórí alumíníọ́mù, lábẹ́ etí afárá. Ó ní, "Ọ̀gá, 9 ni." Ó wọn àwọn mẹ́fà tó kù náà, ó kọ wọ́n sára páálí bátìrì pẹ̀lú ọjọ́ tí a wọ̀n wọ́n, sábẹ́ iye ti tẹ́lẹ̀.